Kọ̀ǹpútà Tó Ti Rí Ìbéèrè Kó Tó Wọ Yàrá Ìdánwò

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà lè gbọ́ bí ilé-ọmọ aboyún ṣe ń sún kì, kó sì ti ibẹ̀ sọ bóyá obìnrin náà yóò bí láìtọ́jọ́ tàbí oṣù rẹ̀ yóò pé, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní í ṣì í rárá, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde nínú ìwé ìwádìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn tó kọ ọ́ kò purọ́, wọn kò sì fi owó ra máàkì. Ìbéèrè ìdánwò ló ti jò sọ́wọ́ kọ̀ǹpútà wọn kí wọ́n tó dán an wò, àwọn fúnra wọn kò sì mọ̀.

Orí àkọsílẹ̀ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́. Láàárín ọdún 1997 sí 2005, ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ljubljana, olú-ìlú Sloféníà, àwọn dókítà lẹ wáyà mẹ́rin mọ́ ikùn àwọn aboyún fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wáyà náà ń gba iná tíntìntín tí iṣan ilé-ọmọ ń mú jáde. Wọ́n wá dúró títí obìnrin kọ̀ọ̀kan fi bímọ, wọ́n sì kọ iye ọ̀sẹ̀ oyún náà sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ 300 ni gbogbo rẹ̀. Oṣù pé nínú 262. 38 tó kù jẹ́ ti àwọn tó bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé. Ó wà lórí PhysioNet, ẹni tó bá fẹ́ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí wọ́n ń pè ní módẹ́lì ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń wo irú àkọsílẹ̀ báyìí pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀, tó ń tibẹ̀ kọ́ bí yóò ṣe máa dáhùn nípa ẹni tí kò rí rí. Láti mọ̀ bóyá ó gbọ́n lóòótọ́, a máa ń pín àkọsílẹ̀ sí méjì. A ó fi apá tó pọ̀ kọ́ ọ, a ó sì fi apá kékeré pamọ́ fún ìdánwò. Gbogbo ìtumọ̀ tí máàkì rẹ̀ ní wà lórí ohun kan ṣoṣo, pé kò rí apá kejì yẹn rí. Bí ó bá ti rí i, tàbí tó rí ohun tí wọ́n gé lára rẹ̀, ohun tó há sórí ni a ń wọ̀n, a ò wọn ìmọ̀.

Kí módẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, àkọsílẹ̀ nílò ìpalẹ̀mọ́. Àlàfo wà tí a ní láti dí, nọ́ńbà wà tí a ní láti mú bára dọ́gba, àwọn ohun tí kò wúlò sì wà tí a ó yọ kúrò. Níbi ìpalẹ̀mọ́ yìí gan-an ni jíjò náà ti ń wọlé, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ka iṣẹ́ yìí sí ẹ̀kọ́. A rò pé a ń gbálẹ̀ lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn aboyún 300 yẹn. Módẹ́lì tó bá ń sọ fún gbogbo obìnrin pé "oṣù rẹ yóò pé", láìwo àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni, yóò gba 262 nínú 300, ìyẹn ìdá 87 nínú 100. Máàkì ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn tí a tìtorí wọn ṣe iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń wá ọ̀nà láti sọ àwọn 38 di púpọ̀. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù ni SMOTE, tí Chawla àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2002.

Bí SMOTE ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Yóò mú ẹnìkan nínú àwọn tí kò pọ̀, yóò wá ẹlòmíràn nínú wọn tó jọ ọ́, yóò sì dá ẹni àfiṣe kan sí àárín àwọn méjèèjì. Ká ní nọ́ńbà méjì ni a gbà lára obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 4 àti 10, ti èkejì jẹ́ 6 àti 14. Kọ̀ǹpútà lè gbé ìdámẹ́rin ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì, kó sì kọ 4.5 àti 11 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aboyún tuntun tó bí láìtọ́jọ́. Kò sí obìnrin bẹ́ẹ̀ láyé, àmọ́ ó jọ àwọn tó wà.

Kò sí ohun tó burú nínú èyí, bí a bá ṣe é nígbà tó yẹ. Láti sọ 38 di 262, a nílò aboyún àfiṣe 224. Bí a bá kọ́kọ́ dá wọn, tí a wá po gbogbo wọn pọ̀ di 524, tí a sì fi ìdá kan nínú márùn-ún pamọ́ fún ìdánwò, nǹkan bí 52 nínú àwọn tó wọ ìdánwò ni yóò jẹ́ ti àìtọ́jọ́. Nínú 52 yìí, bí 45 ni àfiṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ọ̀kan, ó kéré tán, nínú àwọn méjì tí a fi dá wọn ti wà lọ́dọ̀ módẹ́lì nígbà ẹ̀kọ́. Àwọn tó jẹ́ ẹni gidi náà kò bọ́, torí pé àwọn àfiṣe tí a dá láti ara wọn ti kún inú ẹ̀kọ́ fọ́fọ́. Ẹni tó há 4 àti 10 sórí pé "àìtọ́jọ́" ni, tó wá bá 4.5 àti 11 pàdé nínú ìdánwò, kò nílò ìmọ̀ kankan nípa ilé-ọmọ kó tó dáhùn.

Ìlà méjì péré ni àṣìṣe náà máa ń gbà nínú ètò tí wọ́n ń kọ:

```python
X2, y2 = SMOTE().fit_resample(X, y)
X_tr, X_te, y_tr, y_te = train_test_split(X2, y2, test_size=0.2)
```

Ìlà méjì náà ni àtúnṣe rẹ̀, kí a kàn yí ètò wọn padà, kí a sì rí i pé ìdánwò ní ìwọ̀n àìtọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀kọ́:

```python
X_tr, X_te, y_tr, y_te = train_test_split(X, y, test_size=0.2, stratify=y)
X_tr, y_tr = SMOTE().fit_resample(X_tr, y_tr)
```

Báyìí, aboyún 60 ni a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀: 52 tí oṣù wọn pé àti 8 tó bí láìtọ́jọ́. Ẹni gidi ni gbogbo wọn. Nínú 240 tó kù, 30 ni ti àìtọ́jọ́, a sì lè dá 180 kún wọn kí wọ́n lè dọ́gba pẹ̀lú 210 tó ṣẹ́kù. Kò sí àfiṣe kankan tó fi ara kan yàrá ìdánwò.

Ní ọdún 2021, Vandewiele àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àkọsílẹ̀ Ljubljana yìí. Wọ́n padà sí àwọn ìwádìí tó ti sọ pé àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ṣì í, wọ́n rí àwọn tó ti dá àfiṣe kí wọ́n tó pín, wọ́n tún iṣẹ́ wọn ṣe bí wọ́n ṣe ṣe é, wọ́n sì tún un ṣe bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pín, máàkì àràmàǹdà náà wálẹ̀ gan-an.

Ọ̀nà kejì tí jíjò ń gbà wọlé le ju èyí lọ láti rí, nítorí kò sí àfiṣe nínú rẹ̀. Hastie, Tibshirani àti Friedman ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́ wọn tí gbogbo ayé ń lò. Wọ́n mú ènìyàn 50 tí kọ̀ǹpútà kàn hùmọ̀, ìdajì wọn ní ẹgbẹ́ kan, ìdajì ní ẹgbẹ́ kejì, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àmì 5,000 tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó wà. Kò sí ẹ̀dá tó lè fi àmì bẹ́ẹ̀ sọ àsọtẹ́lẹ̀ tí kò ní í ṣì í ní ìdajì ìgbà. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ ṣa àmì 100 tó bá ìdáhùn mu jù nínú gbogbo ènìyàn 50, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pín wọn, tí wọ́n ń kọ́ apá kan, tí wọ́n ń dán apá kejì wò. Àṣìṣe tí wọ́n rí jẹ́ ìdá 3 nínú 100. Nínú 5,000, díẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìdáhùn mu nípa oríire, ìdáhùn àwọn tí a fẹ́ dán wò sì wà lára ohun tí a fi ṣà wọ́n. Bí ẹ bá ka ìwádìí tó fi àbùdá ẹgbẹẹgbẹ̀rún wá àmì àìsàn lára aláìsàn díẹ̀, ibí yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àwọn jíjò kéékèèké náà wà. Bí a bá fi ìpíndọ́gba gbogbo àkọsílẹ̀ dí àlàfo, tàbí tí a fi í mú nọ́ńbà bára dọ́gba kí a tó pín, ìròyìn díẹ̀ láti inú ìdánwò ti wọ inú ẹ̀kọ́. Lójú tèmi, a máa ń pariwo èyí ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé bí àkọsílẹ̀ bá pọ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í sábà hàn. Síbẹ̀ kò náni ní nǹkan kan láti ṣe é bó ṣe yẹ. Ìpíndọ́gba inú ẹ̀kọ́ ni ká ṣírò, òun náà ni ká lò fún ìdánwò.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé nǹkan ti jò? Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ mú ìdáhùn gbogbo àkọsílẹ̀, ẹ pò wọ́n pọ̀ kí ìdáhùn obìnrin kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí òtítọ́ kankan má ṣẹ́ kù níbẹ̀ mọ́. Ẹ wá tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ìpalẹ̀mọ́. Bí ọwọ́ bá mọ́, máàkì yóò wálẹ̀ sí ti ẹni tó ń méfò. Bí ó bá ṣì ga, ọ̀dọ̀ ìpalẹ̀mọ́ ni ó ti ń rí ìdáhùn. Pípò kìkì ìdáhùn tó wà nínú ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí a ti pín kò tó, torí pé jíjò náà ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀.

Àtúnṣe yìí kò sọ àkọsílẹ̀ kékeré di ńlá o. Nínú ìdánwò tó ní ẹni 8 péré tó bí láìtọ́jọ́, ẹnìkan ṣoṣo tí módẹ́lì bá ṣì mú ti gbé ìdá 12.5 nínú 100 lọ. A lè yí apá ìdánwò ká, kí gbogbo obìnrin lè wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, níwọ̀n ìgbà tí a bá ń dá àfiṣe tuntun ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, obìnrin 38 náà ni, láti ilé ìwòsàn kan ṣoṣo. Iye yẹn kò tó ohun tí dókítà lè gbára lé láti fi sọ fún aboyún pé ọmọ rẹ̀ yóò tètè dé.