Ìwé Èsì Olùpẹjọ́ Lórí Ìjẹ́wọ́ Tí Kò Yẹ Kí Adájọ́ Gbà

Nínú ìdíje ẹjọ́ ìdánrawò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin máa ń ṣe ní yunifásítì, olùpẹjọ́ ni ẹni tí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ kò tẹ́ lọ́rùn. Òun ló máa kọ́kọ́ kọ ìwé àlàyé tirẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì, tó sábà máa ń jẹ́ ìjọba bí ẹjọ́ bá jẹ́ ti ọ̀daràn, a dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà olùpẹjọ́ láǹfààní láti kọ ìwé èsì. Ìwé èsì ló kúrú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì tètè máa ń bàjẹ́ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà fún: kí ó fèsì sí ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹgbẹ́ kejì mú wá. A kì í fi tún ohun tí a ti sọ sọ, a kì í sì í fi dí ihò tí a fi sílẹ̀ nínú ìwé àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Nàìjíríà gan-an. Níbẹ̀, olùpẹjọ́ tó bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tuntun, ilé-ẹjọ́ lè kà á sí pé ó ti gbà.

Ẹjọ́ kan tí irú rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ìdíje nìyí. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìdigunjalè kan awakọ̀ dánfó kan ní Èkó. Ìwé ìjẹ́wọ́ tí ìjọba gbé wá jẹ́ èyí tí ọlọ́pàá kọ ní àgọ́ wọn lóru. Kò sí lọ́yà níbẹ̀, kò sì sí fídíò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìwé náà sílẹ̀ ní kóòtù, lọ́yà awakọ̀ ta kò ó pé wọ́n so oníbàárà òun rọ̀, wọ́n sì fi pẹlẹbẹ àdá nà án kó tó fọwọ́ sí i. Adájọ́ dá ẹjọ́ náà dúró, ó ṣe ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní ẹjọ́ inú ẹjọ́, láti mọ̀ bóyá tinútinú ni ọkùnrin náà fi sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá méjì jẹ́rìí pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Adájọ́ wá ní awakọ̀ kò fi àpá kankan han òun, kò sì mú ìwé dókítà wá, nítorí náà òun gba ìjẹ́wọ́ náà wọlé. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti dá a lẹ́bi.

Àṣìṣe adájọ́ wà nínú gbólóhùn àpá àti ìwé dókítà yẹn. Abala 29 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé bí olùjẹ́jọ́ bá ti ké gbàjarè pé wọ́n fi ìyà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun, ìjọba ni yóò fi hàn láìsí iyèméjì pé kò rí bẹ́ẹ̀, kódà bí ohun tó wà nínú ìjẹ́wọ́ náà bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹrù ìjọba ni, adájọ́ wá gbé e lé olùjẹ́jọ́ lórí. Ohun tí ìwé àkọ́kọ́ olùpẹjọ́ dá lé nìyẹn. Ó tún mẹ́nu ba abala 9(3) nínú òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, tó pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá gba ìjẹ́wọ́ sórí fídíò, tàbí, bí kò bá sí ohun èlò, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú lọ́yà tí afurasí fúnra rẹ̀ yàn. Lórí abala yìí kan náà, nínú ẹjọ́ Charles àti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2023, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ju irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ nù.

Ìjọba dáhùn lọ́nà mẹ́ta. Ó ní òótọ́ ni adájọ́ sọ, olùpẹjọ́ kò ní àpá. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rí wà ní ìlà 23 nínú àkójọ àwọn nǹkan tí òfin ọdún 1999 fi sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, nítorí náà òfin ìpínlẹ̀ kò lè sọ ìjẹ́wọ́ di ohun tí kóòtù kò gbọdọ̀ gbà. Ó wá fi abala 251 Òfin Ẹ̀rí kún un, pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ àṣìṣe ni wọ́n fi gba ìwé náà, ẹni tí wọ́n jà lólè ti dá awakọ̀ mọ̀, ìdájọ́ kò ní yí padà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí olùpẹjọ́ ya tuntun sọ́tọ̀ kúrò lára ògbólógbòó. Ọ̀rọ̀ àpá kì í ṣe tuntun, ìwé àkọ́kọ́ ti dáhùn rẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń fi ojú ewé mẹ́ta ṣòfò. Ọ̀rọ̀ méjì tó kù ló nílò èsì.

Lórí ìlà 23, olùpẹjọ́ tí kò bá ṣọ́ra yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jà pé ìpínlẹ̀ náà lágbára láti ṣe òfin ẹ̀rí, ìjà tí kò lè jà á yege. Ọ̀nà tó dára ni kí ó gbà pé òótọ́ ni ti ìlà 23, kí ó sì fi hàn pé kò kan ẹjọ́ yìí. Ìpínrọ̀ rẹ̀ lè lọ báyìí: "Abala 9(3) kò sọ irú ẹ̀rí tí kóòtù lè gbà. Ohun tó sọ ni bí ọlọ́pàá ṣe gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí afurasí bá fẹ́ jẹ́wọ́. Abala 29 Òfin Ẹ̀rí, tí í ṣe òfin àpapọ̀, ló ní kí ìjọba fi hàn láìsí iyèméjì pé wọn kò fi ìyà gba ìjẹ́wọ́. Kò sí fídíò, kò sí lọ́yà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́pàá méjì tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló kù. Iyèméjì kò tíì kúrò nílẹ̀." Ìlà kan yóò tẹ̀lé e pé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ̀rọ̀ lórí abala náà, ilé-ẹjọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì láṣẹ láti yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn.

Lórí abala 251, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: "àti." Abala náà ní àṣìṣe nínú gbígba ẹ̀rí kò ní yí ìdájọ́ padà bí kò bá lè jẹ́ pé ẹ̀rí náà nípa lórí ìdájọ́, àti pé ìdájọ́ kan náà ni ìbá jáde bí wọn kò bá gbà á. Méjèèjì gbọ́dọ̀ pé. Nítorí náà olùpẹjọ́ yóò padà sí ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́, yóò sì tọ́ka sí ojú ewé tí adájọ́ ti sọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé orí ìjẹ́wọ́ ni òun gbára lé. Ó ti nípa lórí ìdájọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni yóò bi ìdánimọ̀ wò: òru ni, iná kò sí, ẹni tí wọ́n jà lólè kò rí ọkùnrin náà rí, ọlọ́pàá kò sì tò wọ́n sórí ìlà kí ó yan ẹni tó mọ̀. Àwọn adájọ́ ìdíje fẹ́ràn láti béèrè pé, "Bí a bá yọ ìwé yìí, kí ló kù?" Kí èsì ti wà lẹ́nu: ojú kan ṣoṣo, nínú òkùnkùn.

Ìdẹkùn kan ṣì wà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ka àkọsílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lè rí i pé Yorùbá ni awakọ̀ sọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọlọ́pàá kọ, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kò sì wá jẹ́rìí. Kókó tó lágbára ni lóòótọ́, ó sì ń dunni láti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí nínú àwọn ìdí tí a fi pe ẹjọ́, tí ìjọba kò sì dárúkọ rẹ̀, ìwé èsì kọ́ ni àyè rẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì kò ní àǹfààní mọ́ láti dáhùn, àwọn adájọ́ yóò sì pa á tì.

Ohun tí olùpẹjọ́ yóò bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n yọ ìjẹ́wọ́ náà kúrò nínú àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì dá awakọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Bí ìjọba bá ní kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́, èsì rẹ̀ ni pé a kì í tún ẹjọ́ gbọ́ kí ìjọba lè rí àyè wá ẹ̀rí tí kò ní tẹ́lẹ̀.