Òwe Ni, Kì í Ṣe Májẹ̀mú: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Òwe 22:6

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, bàbá àgbẹ̀ kan tọ̀ mí wá ní ẹ̀yìn ilé ìsìn. Ọmọ rẹ̀ kejì ti fi ilé sílẹ̀ nítorí ọtí àti tẹ́tẹ́, ẹnìkan nínú ìjọ sì ti wí fún un pé Bíbélì kì í purọ́: ì bá ṣe pé ó tọ́ ọmọ náà dáadáa ni, ọmọ náà kì bá tí yà. Bàbá náà bi mí pé, “Tíṣà, ṣé èmi ni mo ba ọmọ mi jẹ́?” Mo mọ ilé náà. Ọmọ márùn-ún ni a fi àdúrà kan náà àti ìbáwí kan náà tọ́ níbẹ̀, mẹ́rin sì dúró.

Ẹsẹ tí wọ́n fi dá a lẹ́bi ni èyí tí ó kọ́ni pé ọmọ tí a bá tètè fi sí ọ̀nà tí ó yẹ, ọjọ́ ogbó kì í mú un kúrò níbẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú òtítọ́ wo ni? Orúkọ ìwé náà ti dáhùn: Òwe. Àwa Yorùbá kò sì ṣe àjèjì sí òwe. Àwọn àgbà wa a máa wí pé, “Ẹní bíni là ń jọ,” àgbà kan náà a sì tún wí pé, “Iná ló ń bí eérú.” Ẹnikẹ́ni kò pè é ní òpùrọ́, nítorí a mọ̀ pé ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni òwe ń sọ, a sì ń wo ibi tí a ti pa á. Ìwé Òwe pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀: ní orí 26, ẹsẹ 4 ní kí a má ṣe dá aṣiwèrè lóhùn bí ìwà òmùgọ̀ rẹ̀, ẹsẹ 5 tí ó tẹ̀ lé e sì ní kí a dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí oko. Òwe 12:11 wí pé ẹni tí ó bá ro ilẹ̀ rẹ̀ yóò jẹun yó. Àgbẹ̀ wo ni kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí? Àgbẹ̀ wo ni kò sì tíì rí ọdún tí òjò kọ̀, tàbí tí eṣú dé, tí ẹni tí ó roko jù lọ kó àgbọ̀n òfìfo wálé? Òwe 13:23 tilẹ̀ fi kún un pé oko tálákà lè so púpọ̀, kí àìṣòdodo sì gbá a lọ. Síbẹ̀ a kì í tìtorí èyí ju ọkọ́ sílẹ̀, a kì í sì í wí fún ẹni tí eṣú jẹ oko rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni.

Ibi tí àṣìṣe náà wà nìyí: wọ́n yí òwe náà padà sẹ́yìn. Pé ọmọ tí a tọ́ a máa dúró kò sọ ọ́ di pé ọmọ tí kò dúró ni a kò tọ́. Báyìí gan-an ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe, wọ́n ti inú ìyà rẹ̀ wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, Ọlọ́run sì bínú sí wọn ní Jóòbù 42:7.

Òwe 22:6 wà nínú àkójọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní orí 10, tí a kọ orúkọ Sólómọ́nì sí lórí. Ta ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára tó tirẹ̀? Síbẹ̀ Àwọn Ọba Kìn-ín-ní 11:4 kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí ó darúgbó gan-an ni ọkàn rẹ̀ yí sẹ́yìn àwọn òrìṣà. Ẹ tún wo ìran rẹ̀. Hesekíàh olódodo bí Mánásè, ẹni tí ó kún Jerúsálẹ́mù fún ẹ̀jẹ̀. (Kíróníkà Kejì wí pé Mánásè ronú pìwà dà níkẹyìn, nínú ẹ̀wọ̀n.) Mánásè bí Ámónì tí kò ronú pìwà dà rárá, Ámónì sì bí Jòsíàh, tí ó jọba ní ọmọ ọdún 8, tí ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọba tí ó dára jù lọ ní Júdà. Bí ẹsẹ wa bá jẹ́ òfin tí kì í yẹ̀, ta ni ó tọ́ Jòsíàh, ta ni kò sì tọ́ Mánásè?

Ọ̀nà wà tí a fi lè mọ ìlérí yàtọ̀ sí òwe. Nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 7, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, ó ní, “Èmi yóò,” ó sì dárúkọ Dáfídì tí ó ń ṣèlérí fún. Ní Òwe 22:6, kò sí “Èmi yóò,” kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́gbọ́n kan ni ó ń sọ ohun tí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ilé, kí òbí má baà fi ọmọ sílẹ̀ di ìgbà tí igi bá gan. Ẹni tí ó bá sì kọ̀ láti tọ́ ọmọ rẹ̀ nítorí pé òwe kì í ṣe ìlérí, òun náà kò gbọ́ òwe náà.

Mo ka ọ̀ràn Sólómọ́nì fún bàbá náà. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo mọ ẹni tí ń lọ sí ìlú tí ọmọ náà wà, nítorí òun fẹ́ fi iṣu tuntun ránṣẹ́ sí i.