Kí nìdí tí atọ́ka orí fóònù kò fi lè sọ iye tí ìpín ìdókòwò yóò jẹ́ lọ́la?

Ká ní olùkọ́ kan fẹ́ bá ẹgbẹ́ ìdókòwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sọ̀rọ̀ ní Port-Bouët, agbègbè etí òkun tí pápákọ̀ òfurufú Abidjan wà. Ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í jẹ́: "Ọ̀gá, atọ́ka wo ló máa sọ ìgbà tó yẹ ká ra ìpín fún wa?"

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí èyíkéyìí. Kì í ṣe pé àwọn atọ́ka náà ń parọ́ o. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ òótọ́ nípa àná ni.

Kí ló wà nínú atọ́ka?

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó rọrùn jù, ìpíndọ́gba iye owó ọjọ́ márùn-ún. Ká sọ pé ìpín iléeṣẹ́ kan lórí BRVM, ọjà ìpín ìdókòwò tí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ń lò, tó fi Abidjan ṣe ibùjókòó, jẹ́ 10,000 fáráǹkì CFA lọ́jọ́ kìíní. Lẹ́yìn náà ó di 10,200, 10,400, 10,600 àti 10,800. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi márùn-ún pín in: ìpíndọ́gba jẹ́ 10,400.

Lọ́jọ́ kẹfà, ìpín náà já wálẹ̀ sí 10,000. Ìjábọ́ ńlá nìyẹn, torí BRVM kì í jẹ́ kí iye owó yí ju ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́, 800 fáráǹkì yìí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ààlà náà. Àmọ́ ẹ tún ìpíndọ́gba ṣírò: 10,000 ti ọjọ́ kìíní jáde, 10,000 ti òní wọlé. 10,400 náà ni, kò yí rárá.

Ẹni tó ń wo ìlà ìpíndọ́gba nìkan kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun mìíràn nínú ìlà náà ju iye owó márùn-ún tó ti kọjá lọ.

Ọjọ́ tí ọjà Èkó dé òkè téńté

Lọ́jọ́ 5, oṣù kẹta, ọdún 2008, òǹkà gbogbo ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà dé 66,371. Kò tíì ga tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Torí pé iye ọjọ́ náà ju gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ìpíndọ́gba èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ ti ọjọ́ márùn-ún tàbí igba ọjọ́, ní láti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lójú àwọn tó ń fi ìpíndọ́gba ṣòwò, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọjà ń gòkè. Kí ọdún náà tó parí, òǹkà náà ti já sí nǹkan bíi 31,450.

Ohun tó fà á kò sí nínú iye owó àná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yá owó báǹkì láti fi ra ìpín. Nígbà tí ìṣòro ọrọ̀ ajé àgbáyé dé, àwọn olùdókòwò ilẹ̀ òkèèrè kó owó wọn jáde. Bí iye ìpín ṣe ń jábọ́, ó di dandan fún àwọn tó jẹ gbèsè láti tà, títa yìí sì tún ń fa iye owó wálẹ̀ sí i.

RSI ńkọ́?

Àwọn kan yóò ní RSI, tí J. Welles Wilder gbé jáde lọ́dún 1978, máa ń kìlọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ìpín kan bá fi 900 fáráǹkì gòkè lápapọ̀ láàárín ọjọ́ 14, tó sì fi 100 sọ̀kalẹ̀:

```
RSI = 100 × 900 / (900 + 100) = 90
```

Wọ́n ní tó bá ti ju 70 lọ, ìpín náà ti wọ́n jù. Ṣùgbọ́n ohun tí 90 sọ kò ju pé, nínú gbogbo fáráǹkì mẹ́wàá tí ìpín náà yí, mẹ́sàn-án jẹ́ ìgòkè. Ìpín tó ń lọ sókè gan-an lè wà lókè 70 fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ẹni tó tètè tà máa wò ó bó ṣe ń lọ.

Bákan náà, bí iléeṣẹ́ kan bíi Sonatel bá pín èrè fún àwọn onípìn-ín, iye ìpín sábà máa ń dínkù lọ́jọ́ tí ẹni tó bá rà á kò ní rí èrè náà gbà mọ́. Bí a kò bá tún òǹkà àtẹ̀yìnwá ṣe, RSI yóò kà á sí ìjábọ́, bẹ́ẹ̀ owó ti wọ àpò onípìn-ín.

Báwo lèèyàn ṣe lè dán an wò?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá gbà lè kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ná, kó tó wo àwòrán iye owó. Kó wá fi bébà bo apá ọ̀tún àwòrán náà, kó máa ṣí i lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ ìpinnu rẹ̀ kó tó ṣí ọjọ́ tó kàn. Kó ka àmì tó kùnà pẹ̀lú èyí tó bọ́ sí i, kó yọ owó alágbàtà kúrò, kó sì fi èyí tó kù wé èrè ẹni tó kàn ra ìpín náà lọ́jọ́ kìíní tí kò fọwọ́ kàn án mọ́.