Ṣé o mọ̀ pé ìrẹsì Sátidé kọ́ ló fa táífọ́ọ̀dù ọjọ́ Mọ́ńdè?

Ká ní wọ́n ṣe ìnáwó ní Ayétòrò lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ti se ìrẹsì láti àárọ̀, ó wà nínú kúlà títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó fi máa di òru, àwọn kan ti ń bì, inú ń lọ́ wọn, wọ́n ń ṣu gbuuru. Kí ọjọ́ Sọ́ńdè tó ṣú, ara wọn ti balẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé wákàtí 1 sí 6 péré ni irú májèlé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà kó tó mú ènìyàn? Kì í sábà mú ibà dání, ọjọ́ kan sì ti tó fún un láti lọ.

Ṣé o mọ̀ pé títún oúnjẹ náà gbé kaná kì í wẹ̀ ẹ́ mọ́? Iná lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n májèlé tí kòkòrò ti tú sínú oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀.

Àlejò kan jẹ nínú ìrẹsì yẹn, kò bì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ara rẹ̀ ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ìgbóná ara náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá nírọ̀lẹ́. Gbogbo ilé ní ìrẹsì ni. Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ 8 sí 14 ni kòkòrò táífọ́ọ̀dù sábà máa ń lò nínú ara kí ibà tó bẹ̀rẹ̀? Ó lè yá tó ọjọ́ 6, ó sì lè pẹ́ tó oṣù kan. Bó bá jẹ́ táífọ́ọ̀dù ló ń ṣe àlejò wa, ohun tó mu tàbí tó jẹ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni kí ẹ wádìí. Ní etídò Ìlàjẹ, níbi tí ilé ìyàgbẹ́ ti wà lórí omi kan náà tí wọ́n fi ń fọ abọ́, omi ni mo máa kọ́kọ́ béèrè.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ní táífọ́ọ̀dù lè má ṣu gbuuru rárá? Àgbàlagbà mìíràn ìgbẹ́ á há a lára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ibà tí kò sọ̀ ni ẹ máa ṣọ́. Ohun tó ń rú àwọn ènìyàn lójú ni pé májèlé oúnjẹ kan wà tó ń mú ibà àti ìgbẹ́ gbuuru wá, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí ọjọ́ 3 lẹ́yìn oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ibà tirẹ̀ máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ti táífọ́ọ̀dù ń pọ̀ sí i.

Nígbà wo wá ni kí a ṣe àyẹ̀wò? Ibà nílẹ̀ wa kò gbọdọ̀ kọjá àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá wá pé ọjọ́ 3 tí ibà ò lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wá kòkòrò náà. Ẹni tí omi ò dúró nínú rẹ̀, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí ọmọ ọwọ́ tí ojú rẹ̀ jìn, kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ kẹta.

Ṣé o mọ̀ pé àyẹ̀wò Wídàlì, tí lábù kékeré kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ti wà láti 1896? Kì í wá kòkòrò. Ohun ìjà tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò ló ń wò. Àìsàn tó ti kọjá lọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àní ibà ẹ̀fọn pàápàá, lè mú kó sọ pé táífọ́ọ̀dù wà. Mi ò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni torí Wídàlì kan ṣoṣo gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Àyẹ̀wò tó dájú jù ú lọ ni kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà, kí wọ́n sì dúró ọjọ́ mélòó kan kí ó lè hù. Fún àgbàlagbà, bíi mílílítà 10 ni wọ́n ń fà. Ilé ìwòsàn ńlá ló sábà máa ń ní in. Ṣé o mọ̀ pé oògùn apakòkòrò tí o rà ní kẹ́míìsì ní Igbókòdá kí o tó débẹ̀ lè mú kí kòkòrò náà kọ̀ láti hù? Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ ná, kí oògùn tó wọlé. Kódà bẹ́ẹ̀, nínú aláìsàn 10 tó ní táífọ́ọ̀dù lóòótọ́, bíi 4 sí 6 ló máa ń hàn lára wọn, nítorí náà dókítà lè tọ́jú ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ kò gbé nǹkan jáde.

Ṣé o mọ̀ pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, táífọ́ọ̀dù tí a ò tọ́jú lè lu ìfun? Ìrora á dé lójijì, ikùn á le bíi pákó. Iṣẹ́ abẹ ni ìyẹn ń fẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an: ẹ sanwó gbogbo ìjókòó inú ọkọ̀ ojú omi, kó gbéra lójú ẹsẹ̀, láìdúró de èrò.