Ìdí Tí Ìṣirò Ńlá Fi Ń Yá Nínú Dátà Tí A Tò Ní Òpó-Òpó

Bí ilé ìtajà kan bá ń kọ ọjà tó tà sínú kọ̀ǹpútà, ìlà kan ni ọjà kọ̀ọ̀kan máa ń gbà: ọjọ́, oníbàárà, ìpínlẹ̀, iye owó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tò ó sórí dísìkì.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìlà-ìlà, bíi ti PostgreSQL. Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ọjà kan wà pa pọ̀, inú ojú-ewé oníbáìtì 8,192 ni ó sì ń kó wọn sí. Ẹni tó fẹ́ tẹ rìsíìtì kan yóò gbádùn rẹ̀, torí ojú kan ni yóò ti rí gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni òpó-òpó, bíi ti ClickHouse àti DuckDB: gbogbo iye owó wà níbì kan, gbogbo ìpínlẹ̀ wà níbòmíràn.

Ká ní ọjà mílíọ̀nù 100 ló wà nínú tábìlì náà, tí òpó rẹ̀ jẹ́ 20, tí ohun kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì 8. Gígábáìtì 16 nìyẹn. Ọ̀gá wá fẹ́ mọ iye tí wọ́n tà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan:

```sql
SELECT ipinle, SUM(owo)
FROM oja GROUP BY ipinle;
```

Òpó méjì péré ni ìbéèrè yìí ń wá. Ṣùgbọ́n bí a bá tò ó ní ìlà-ìlà, kọ̀ǹpútà kò lè fo òpó 18 yòókù, torí ojú-ewé kan náà ni gbogbo wọn jọ wà. Bí dísìkì bá ń ka mẹ́gábáìtì 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 32. Ní òpó-òpó, gígábáìtì 1.6 ni yóò kà, ìṣẹ́jú àáyá 3.2 sì tó o.

Èrè mìíràn tún wà. Ohun tó jọra ló ń gbé nínú òpó kan, ó sì rọrùn láti fún un pọ̀. Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Orúkọ 37 ni gbogbo rẹ̀. Nọ́ńbà oníbáìtì kan ṣoṣo lè dípò orúkọ kọ̀ọ̀kan. Òpó ìpínlẹ̀ á wá sọ̀ kalẹ̀ láti mẹ́gábáìtì 800 sí 100, àkókò kíkà náà á sì di ìṣẹ́jú àáyá 1.8.

Òpó-òpó ní ìnira tirẹ̀. Láti fi ọjà kan ṣoṣo kún un, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ibi 20 ni a ó kọ nǹkan sí. Ìdí nìyí tó fi dára ká kó ọ̀pọ̀ ọjà jọ ká tó kọ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá kọ `SELECT *` ń ní kó ka gbogbo òpó, àǹfààní rẹ̀ sì ti lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìlà-ìlà máa gba ọjà wọlé lójoojúmọ́, kí ẹ máa da ẹ̀dà rẹ̀ sí òpó-òpó fún ìṣirò, kí ẹ sì dárúkọ kìkì òpó tí ẹ nílò.