De Gea, Arsenal àti Góòlù Tó Yẹ Kó Wọlé

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2017, Manchester United lọ bá Arsenal nílé ní pápá Emirates, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Eré kò tíì pé ìṣẹ́jú 12 tí United ti gbá góòlù méjì wọlé: Antonio Valencia ló ṣí i, Jesse Lingard sì fi ìkejì lé e. Láti ibẹ̀ lọ, Arsenal kò jẹ́ kí wọ́n mí. Ṣọ́ọ̀tì 33 ni wọ́n ta sílé United lọ́jọ́ náà, ẹyọ kan péré tí Alexandre Lacazette ta ló sì wọlé. David de Gea tó ń ṣọ́lé gba bọ́ọ̀lù 14 sílẹ̀, òmíràn pẹ̀lú ọwọ́, òmíràn pẹ̀lú ẹsẹ̀. Wọ́n fún Paul Pogba ní káàdì pupa, síbẹ̀ United borí pẹ̀lú 3-1.

Ẹni tí kò wo eré náà, tó kàn rí 3-1 nínú ìròyìn, á ní United na Arsenal nílé wọn. Ẹni tó wò ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Irú ọjọ́ báyìí sì pọ̀ fún United ní sáà yẹn. Wọ́n parí Líìgì Prẹmíà pẹ̀lú pọ́ìntì 81, ipò kejì ni wọ́n wà, lẹ́yìn Manchester City. Góòlù 28 péré ló wọlé wọn nínú eré 38, De Gea ló sì gba ẹ̀bùn ìbọ̀wọ́ wúrà. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ wọn gbà pé ife ẹ̀yẹ ló kù. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, góòlù 54 ló wọlé wọn, pọ́ìntì wọn já sí 66, ipò kẹfà ni wọ́n sì bá ara wọn. Kí Kérésìmesì ọdún 2018 tó dé ni wọ́n ti lé José Mourinho tó ń kọ́ wọn.

Aṣọ́lé kan náà ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dáàbò bo ẹ̀yìn náà kò yí padà. Àmọ́ ìṣirò kan wà tó ti ń fi hàn, nígbà tí gbogbo ayé ṣì ń yìn wọ́n, pé ibi tí wọ́n wà kò lè dúró. Ìṣirò náà ni wọ́n ń kọ sójú tẹlifíṣọ̀n báyìí ní xG. Nínú sáà yẹn gan-an, ní ọdún 2017, ni ètò Match of the Day ti BBC bẹ̀rẹ̀ sí fi í han àwọn òǹwòran lẹ́yìn eré.

Góòlù tó yẹ kó wọlé ni xG ń kà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àkọsílẹ̀ bọ́ọ̀lù, bíi Opta, ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀tì láti ọ̀pọ̀ sáà jọ. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ibi tí ẹni tó ta á dúró sí, bí ilé ṣe fẹ̀ tó lójú rẹ̀ láti ibẹ̀, bóyá orí ló fi kàn án tàbí ẹsẹ̀, bóyá ẹnìkan fún un ní bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ tàbí ó gba àárín kọjá, àti bóyá ó wọlé. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá wá ta ṣọ́ọ̀tì lónìí, kọ̀ǹpútà á wo gbogbo irú rẹ̀ tó ti wà sẹ́yìn, á sì béèrè pé: nínú 100 irú èyí, mélòó ló wọlé? Èyí tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú 100 á gba 0.10. Pẹ́náritì ló ga jù nínú èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀: nǹkan bíi 0.76 sí 0.79 ni, nítorí nínú mẹ́rin, mẹ́ta àti díẹ̀ ló máa ń wọlé. Èyí tí wọ́n ta láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn àpótí yáàdì 18, sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ gan-an, bíi 0.03 tàbí 0.04. Bí a bá da gbogbo ṣọ́ọ̀tì pọ̀, á sún mọ́ ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Ìdí rèé tí iye ṣọ́ọ̀tì nìkan kò fi tó. Ẹni tó ta 20 láti òkèèrè lè má jẹ́ ẹni tó sún mọ́ góòlù bíi ẹni tó rí àyè méjì péré níwájú ilé.

Wọ́n á wá ṣe àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ ní ìparí eré. Kí a sọ pé ẹgbẹ́ kan ta ṣọ́ọ̀tì mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.0, ìyẹn ni pé góòlù kan ló yẹ kí wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Àǹfààní pé ọ̀kan kò ní wọlé jẹ́ 0.9. Àǹfààní pé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò ní wọlé jẹ́ 0.9 tí a sọ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́wàá, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.35. Bí wọ́n bá gbá irú eré yìí lẹ́ẹ̀ọgọ́rùn-ún, nínú nǹkan bíi 35, wọn kò ní rí góòlù kankan, wọ́n sì lè pàdánù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó rí àyè kan ṣoṣo. Nínú àwọn mìíràn, wọ́n á gbá méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á sì dà bí akin. Eré kan náà ni wọ́n gbá, ìwà kan náà ni wọ́n hù lórí pápá. Èsì ló ń yí.

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, lójú tèmi. Góòlù ṣọ̀wọ́n. Ní Líìgì Prẹmíà, góòlù bíi mẹ́ta kò fi bẹ́ẹ̀ pé nínú eré kan láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀tì lè ju 20 lọ. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni oríire àti oríburúkú ń fi ṣeré jù. Bí ìyá kan bá ń tajà lọ́jà, tí o sì fẹ́ mọ bí ọjà rẹ̀ yóò ṣe tà lóṣù tó ń bọ̀, iye ènìyàn tó ń dúró nàjà lójoojúmọ́ á sọ fún ọ ju owó ọjọ́ kan ṣoṣo lọ, torí oníbàárà kan tó ra gbogbo rẹ̀ lè má padà wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Wíwá àyè sílé ẹlòmíràn àti dídí àyè mọ́ ẹlòmíràn jẹ́ ìṣe tí ẹgbẹ́ ń tún ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ó ti inú bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù wá. Pé bọ́ọ̀lù kan òpó, tó padà síta, tàbí pé ó kan òpó, tó yọ́ wọlé, kì í padà wá lọ́nà kan náà. xG ń mú apá tó ń padà wá, ó sì ń yọ apá tí kì í padà wá dànù. Ìdí tó fi ń sọ ọjọ́ iwájú dáadáa ju èsì lọ nìyẹn.

Kí a padà sí United. Góòlù 28 ló wọlé wọn lọ́dún 2017 sí 2018, àmọ́ nínú ìṣirò xG, àyè tí wọ́n fún àwọn ẹlòmíràn tó góòlù tó lé ní 40. De Gea ni ó dí àlàfo náà. Aṣọ́lé tó dára lè gba ẹgbẹ́ là ní góòlù mélòó kan lọ́dún, kò sí àríyànjiyàn nípa ìyẹn, ṣùgbọ́n kí ó ju mẹ́wàá lọ, kí ó sì tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn le. Nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní Rọ́ṣíà lọ́dún 2018 pàápàá, góòlù mẹ́fà wọlé rẹ̀ nínú eré mẹ́rin tó ṣọ́lé fún Sípéènì. Nígbà tí sáà tuntun dé, United fún àwọn alátakò láyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà kì í ṣe De Gea nìkan ló ṣubú. Ẹ̀yìn náà bàjẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìjàǹbá náà kò bá ẹni tó ti ń wo ìṣirò lójijì. Ẹ̀yìn tó ń jò ni láti ọdún tó kọjá, aṣọ́lé kan ló kàn ń fi ọwọ́ dí i.

Ẹgbẹ́ Brighton fi apá kejì hàn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2021, Crystal Palace wá bá wọn nílé. Brighton ta ṣọ́ọ̀tì 25, Palace ta mẹ́ta. Palace borí pẹ̀lú 2-1, Christian Benteke ló sì gbá ìkejì wọlé ní àfikún àkókò. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, nílé West Brom, Pascal Groß ta pẹ́náritì, ó kan igi òkè. Danny Welbeck ta òmíràn, ó kan òpó. Wọ́n pàdánù pẹ̀lú 1-0. Pẹ́náritì méjì nìkan ti ju xG 1.5 lọ. Àǹfààní pé méjèèjì kò ní wọlé kò ju nǹkan bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú 100 lọ. Brighton parí sáà náà ní ipò 16 pẹ̀lú pọ́ìntì 41, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ sì ń bínú sí Graham Potter. Ṣùgbọ́n xG fi hàn pé àyè tí wọ́n ń wá pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń fún ẹlòmíràn lọ dáadáa, bí ti ẹgbẹ́ tó wà ní apá òkè tábìlì. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà kò lé Potter. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ipò kẹsàn-án ni wọ́n wà pẹ̀lú pọ́ìntì 51.

Ìṣirò yìí ní ibi tó ti ń kù díẹ̀ káàtó, ẹni tó bá sì fẹ́ fi í ṣe nǹkan gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé lé padà, tí ẹlòmíràn tún ta, lè fún ẹgbẹ́ kan ní 0.7 àti 0.5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 1.2, bẹ́ẹ̀ sì ni góòlù kan ṣoṣo ló lè ti inú rẹ̀ jáde. Ìṣirò tó dára á wo àǹfààní pé méjèèjì kò wọlé, ìyẹn 0.3 tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.5, tó jẹ́ 0.15, á sì kọ 0.85 sílẹ̀. Pẹ́náritì náà máa ń ba ojú ìṣirò jẹ́, nítorí ẹgbẹ́ tó rí mẹ́rin nínú oṣù kan lè má rí ọ̀kan ní oṣù méjì tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń tajú mọ́ ọn máa ń yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó ṣe àfiwé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù díẹ̀ náà wà, bíi Lionel Messi àti Son Heung-min, tí wọ́n gbá ju xG wọn lọ ní ọ̀pọ̀ sáà, tí a kò sì lè pè é ní oríire. Wọn kò pọ̀.

Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ipò tí eré wà. Ẹ rántí pé United ti ní 2-0 kí ìṣẹ́jú 12 tó pé. Ẹgbẹ́ tó bá ti ń borí máa ń fà sẹ́yìn, ó máa ń fi àyè sílẹ̀ fún alátakò láti ta ṣọ́ọ̀tì láti ibi tí kò burú jù. Apá kan nínú ṣọ́ọ̀tì 33 ti Arsenal wá láti inú ìyẹn. Fún ìdí yìí, xG eré kan ṣoṣo kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi tàbí láre. Bíi eré mẹ́wàá ni mo máa ń fẹ́ rí kí n tó gbà pé ẹgbẹ́ kan ń gbá ju ipò rẹ̀ lọ tàbí kò tó o. Mo sì máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ta agbábọ́ọ̀lù pàtàkì kan ní àárín, tàbí wọ́n pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá, nítorí ní ọjọ́ tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ṣẹlẹ̀, a ní láti bẹ̀rẹ̀ sí ka eré mẹ́wàá mìíràn.