Báàgì ọ̀tún bọ́ sí òsì: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kọntinúítì nígbà tí wọn ò ya fíìmù bó ṣe tò

Ẹ̀yin tó máa ń wo fíìmù Yorùbá, ó dájú pé ẹ ti rí irú èyí rí: òṣèré gbé báàgì kọ́ èjìká ọ̀tún lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ pálọ̀, báàgì ti wà ní èjìká òsì. Ẹni tó jókòó tì yín á ní, "Ṣé ẹ rí i?" Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tún fọkàn sí ohun tí òṣèré ń sọ mọ́.

Ohun tó ń fà á ni pé wọn kì í ya fíìmù bí ìtàn ṣe tò. Tí wọ́n bá háyà ilé kan fún ọjọ́ kan, gbogbo ìran tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn ni wọ́n máa yà lọ́jọ́ yẹn, ì báà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ eré tàbí ìparí rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú kọntinúítì ló máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí nǹkan ṣe rí, kí ìran tí wọ́n yà lónìí lè bá èyí tí wọ́n máa yà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Nínú eré kan, Ṣadé bá onílé jà níta láàárọ̀, apá bùbá rẹ̀ fàya. Ìran 14 nìyẹn. Ní ìran 15, ó sáré wọ pálọ̀. Ní ìran 16, alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó nínú òkùnkùn nítorí NEPA ti múná lọ. Ìran 31 tún wà nínú pálọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n rí pálọ̀ lò, ní Bódìjà n'Ìbàdàn. Ìta ilé di Ọjọ́bọ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n máa ya bùbá tó ti fàya ṣáájú ìjà tó fà á ya.

Ọjọ́ ìtàn lẹ kọ́kọ́ máa kà

Kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà jáde rárá, ẹni tó ń tọ́jú kọntinúítì á ka ìwé eré náà látòkè délẹ̀, á sì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn ní nọ́ńbà. Ìran 14, 15 àti 16 jẹ́ ọjọ́ ìtàn 3. Ìran 31 jẹ́ ọjọ́ ìtàn 9. Lẹ́yìn náà lá wá fún aṣọ náà ní nọ́ńbà: aṣọ 3A ni bùbá tó ṣì wà lódidi, 3B ni èyí tó ti ya. Ibí yìí ni wọ́n ti máa mọ̀ pé aṣọ kan ò ní tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ rán bùbá méjì látara àǹkárá kan náà, kí wọ́n ya ọ̀kan sílẹ̀ fún ọjọ́ Ajé. Wọ́n á sì pinnu bó ṣe máa ya lọ́jọ́ Ajé yẹn, nítorí ìjà Ọjọ́bọ̀ gbọ́dọ̀ fà á ya síbi kan náà.

Ohun tí wọ́n máa kọ sínú ìwé fún ìran 15 rèé:

*Ìran 15. Ọjọ́ ìtàn 3, ago 8:30 àárọ̀. Ṣadé: aṣọ 3B, apá òsì ya láti èjìká dé ìgúnpá. Gèlè aró ti tú, etí rẹ̀ ọ̀tún wó lulẹ̀. Báàgì dúdú ní èjìká ọ̀tún, síìpù rẹ̀ ṣí. Bàtà ọ̀tún nìkan ló wà lẹ́sẹ̀. Aago ara ògiri: 8:30.*

Apá òsì Ṣadé fúnra rẹ̀ ni "òsì" níbí o, kì í ṣe òsì ẹni tó ń wò ó. Tí ẹ ò bá fi èyí síbì kan náà jálẹ̀ eré, ìwé yẹn gan-an ló máa ṣì yín lọ́nà. Ẹ má sì fi kámẹ́rà iwájú fóònù ya fọ́tò kọntinúítì, torí ọ̀pọ̀ fóònù máa ń yí ọ̀tún padà sí òsì.

Fọ́tò ìparí ló ṣe kókó

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ya òṣèré kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí gèlè ṣì dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n bí gèlè ṣe rí nígbà tí ìran parí ni ìran tó tẹ̀ lé e máa nílò. Nítorí náà, ẹ yà á níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó tó bọ́ aṣọ, pẹ̀lú pátákó tí nọ́ńbà ìran wà lára rẹ̀ nínú fọ́tò. Tí kò bá sí nọ́ńbà yẹn, ẹ máa wá fọ́tò náà tì láàárín ẹgbẹ̀rún fọ́tò tó wà nínú fóònù.

Kí wọ́n tún sọ fún ẹni tó ń tọ́jú aṣọ pé kó má fọ 3B, kó má sì lọ̀ ọ́. Ẹ̀gbin ìjà tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ara ìtàn.

Omi inú ife àti fáànù òkè

Ní ti nǹkan tí òṣèré ń lò, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Wọn ò ní kọ pé "ọkọ mu omi". Wọ́n á kọ pé: "Ó fi ọwọ́ òsì gbé ife nígbà tó ní 'Ta ló sọ fún ẹ?', omi dé ìdajì." Wọ́n á fi téèpù kékeré sàmì síbi tí ife wà lórí tábìlì, wọ́n á sì bu omi padà síbẹ̀ kí wọ́n tó tún un yà. Tó bá jẹ́ ẹ̀bà ni, ẹ̀ẹ̀kan kọ́ lẹ máa rò o. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un yà ni òkèlè máa dín.

Ìran 16 ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n máa yà á, wọ́n á fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Ṣùgbọ́n tí iná bá ti lọ nínú ìtàn, fáànù òkè ò gbọdọ̀ yí, iná pupa kékeré ara tẹlifíṣàn náà ò sì gbọdọ̀ tàn. Ní ìran 31, kàlẹ́ńdà ara ògiri gbọ́dọ̀ ti ṣí sí oṣù tuntun tí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn bá wọ oṣù mìíràn.

Oòrùn ò ní dúró de ẹnikẹ́ni

Ọjọ́bọ̀ ni wàhálà gidi wà. Ago 8:30 àárọ̀ ni ìjà yẹn, nítorí náà òjìji Ṣadé gbọ́dọ̀ gùn. Tí mọ́tò bá pẹ́ dé tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ní ago méjìlá ààbọ̀, òjìji á ti kó sábẹ́ ẹsẹ̀, òǹwòran á sì mọ̀ pé kì í ṣe àárọ̀. Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, oòrùn máa ń ga jù ní nǹkan bí ago kan ku díẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bó ṣe ga mọ ní ago 8:30 àárọ̀ ló tún máa rí ní nǹkan bí ago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wọ́n lè dúró dìgbà yẹn, ṣùgbọ́n apá kejì ni ìmọ́lẹ̀ á ti máa wá. Tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé pálọ̀ ọjọ́ Ajé bá ti fi hàn pé oòrùn wà lápá ẹnu ọ̀nà, ìrọ̀lẹ́ ò ní bá a mu. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìwé kọ apá tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, kó má kàn jẹ́ "àárọ̀".

Ìwé kọntinúítì ò lè yanjú gbogbo rẹ̀. Òṣèré lè lọ síbi iṣẹ́ mìíràn kó fá irùngbọ̀n, àyàfi tí wọ́n bá ti bá a ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀. Nígbà míì sì rèé, ibi tí òṣèré ti sunkún jù lọ ni báàgì ti wà ní èjìká tí kò tọ́. Olùdarí lè mú ẹkún, kó fi báàgì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìwé bá ti sọ ibi tí méjèèjì ti bára mu, ẹni tó ń gé fíìmù pọ̀ lè mú ẹkún yẹn ní ojú nìkan, níbi tí báàgì ò ti hàn, kó sì mú ìyókù látinú èyí tí báàgì ti wà ní èjìká ọ̀tún.